Kí Ló Dé Tí Ọ̀gá Fi Ń Dójú Tì Ọ́ Lójú Àlá?

Oríṣi àlá kan wà tí àwọn tó ń gba owó oṣù mọ̀ dáadáa, bí wọn ò tiẹ̀ kì í sọ ọ́ síta. Ọ̀gá ń pariwo mọ́ ọ níwájú gbogbo èèyàn. Ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, o la ẹnu láti fèsì, ohùn ò jáde. O ta jí, àyà rẹ ń lù kìkì, inú ń bí ọ sí ọkùnrin tí kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Wákàtí méjì sí i, wàá sì tún kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ sà."

Bí o bá rọ́ irú àlá yìí fún ẹni mẹ́ta nílùú Ìbàdàn, ìtumọ̀ mẹ́ta lo máa gbà. Ẹnì kan á ní ọ̀gá yẹn ń bá ọ jà nípa tẹ̀mí, kí o gba ààwẹ̀. Ẹnì kejì á ní òdìkejì ni àlá, ìgbéga ló ń bọ̀. Ẹnì kẹta á ní ẹ̀bà alẹ́ àná ló pọ̀ jù. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ibi tí àwọn ègé àlá náà ti ń wá, ìdí tí ọ̀rọ̀ tí a gbé mì fi ń jáde lóru, àti bí o ṣe lè dán an wò fúnra rẹ.

Ègé àlá, ègé ọ̀sẹ̀

Mo fẹ́ lo àlá tèmi, torí òun ni mo mọ gbogbo igun rẹ̀. Nígbà yẹn, Àgbówó ni mò ń gbé, ilé iṣẹ́ kan ní Challenge ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé kan, mo lá àlá pé ọ̀gá mi dúró lórí tábìlì láàárín ọjà Dùgbẹ̀, ó di gbohùngbohùn mú, ó ń ka iye owó oṣù mi sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọjà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo gbé fáìlì rù. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi kò ṣí. Lójijì, fìlà ọ̀gá já bọ́ sínú gọ́tà, mo sì rí i pé inú mi dùn. Ibẹ̀ ni mo ti jí.

Mo mú bébà, mo fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá kan mo kọ ohun tó wà nínú àlá, ní apá kejì mo kọ ibi tí mo ti rí i lójú ayé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Gbohùngbohùn: ní ọjọ́ Àìkú gan-an, mo kọjá ní Dùgbẹ̀, ọkùnrin kan ń fi gbohùngbohùn polówó àgbo. Owó oṣù: ó ti pẹ́ kó tó wọlé, onílé sì ti ń béèrè owó ilé. Fáìlì: ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú, ọ̀gá ju ìwé ìròyìn tí mo kọ sórí tábìlì níwájú oníbàárà, ó ní, "Ọmọdé yìí ò lè ṣe nǹkan kan yanjú." Mo fèsì pé, "Ẹ má bínú sà." Ìkúnlẹ̀ àti olùkọ́ jẹ́ ti àtijọ́: bí a ṣe ń jẹ wá níyà ní kíláàsì nìyẹn.

Kíyè sí ọjọ́ wọn. Ti gbohùngbohùn jẹ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo ṣáájú àlá, ti fáìlì jẹ́ ti bí ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀, lára wọn Tore Nielsen ní Kánádà, ti rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá máa ń wọ inú àlá, lẹ́yìn náà a rọlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, a sì tún yọjú ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ìdí nìyí tí àlá ọ̀gá fi lè dé ní òpin ọ̀sẹ̀ tí kò sí wàhálà kankan, tí wàá sì máa ronú pé ó kàn ṣàdédé wá ni.

Ṣùgbọ́n ègé tó wúlò jù lọ fún mi nínú àlá yẹn ni fìlà tó já bọ́. Kì í ṣe ọ̀gá nìkan ló ń ṣe nǹkan níbẹ̀. Inú tèmi náà ń gbẹ̀san díẹ̀díẹ̀, ohun tí mi ò jẹ́ dán wò lójú ayé.

Ọlọ́dẹ tó sùn

Kí ló dé tí ìkùnsínú fi ń dúró di òru? Ní 2004, Daniel Wegner àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìdánwò kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mú ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ sọ́kàn kí wọ́n tó sùn. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní kí àwọn kan máa ro ẹni náà, wọ́n ní kí àwọn mìíràn má jẹ́ kí ó wá sí wọn lọ́kàn rárá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn kọ àlá wọn sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n má ronú nípa ẹni náà ló lá àlá rẹ̀ jù. Ì báà jẹ́ ẹni tí ọkàn wọn fà sí, ì báà jẹ́ ẹni tí kò jọ wọ́n lójú, bákan náà ló rí.

Àlàyé Wegner rọrùn. Láti lé èrò kan jáde, ọpọlọ nílò òṣìṣẹ́ méjì. Ọ̀kan dà bí ọlọ́dẹ ẹnu géètì, tó ń tì í padà. Èkejì ń wò káàkiri bóyá ó tún ti ń bọ̀, ìyẹn ni pé èrò yẹn gan-an ló ń wá kiri. Lójú oorun, ọlọ́dẹ á sùn, èyí tó ń wá kiri ò sùn. Ó bá èrò náà pàdé, kò sì sí ẹni tó máa tì í padà mọ́.

Èyí bá ohun tí a mọ̀ nípa ọpọlọ mu. Oorun àwa èèyàn máa ń yí ká ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìgbà kan wà tí ẹyinjú máa ń yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú. Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1953, ìgbà yìí sì ni àlá tó lágbára jù máa ń wá. Apá iwájú ọpọlọ tó ń ronú jinlẹ̀, tó ń kó wa níjàánu, máa ń lọ sílẹ̀ nígbà yẹn. Amígídálà, apá tó ń gbé ẹ̀rù àti ìbínú, máa ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ìdí nìyẹn tí o kò fi ní béèrè pé kí ni olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá sì ṣe ń mọ́ ni ìgbà yìí ń gùn sí i, nítorí náà ẹni tó ń jí ní aago márùn-ún kó lè bá mọ́tò àkọ́kọ́ lọ sábà máa ń ta jí láàárín àlá, á sì rántí gbogbo rẹ̀.

Ìdánwò Wegner kò sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá o. Ṣùgbọ́n wo bí a ṣe tọ́ wa. Ọmọ Yorùbá kì í wo àgbà lójú fèsì. "Ẹ má bínú sà" ni a fi ń ti ọ̀rọ̀ padà sínú. Bí o bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ ọlọ́dẹ yẹn ti pọ̀.

Àlá ń mọ irú ìlú tí a wà

Robert LeVine, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti lo àlá láti wádìí lílàkàkà láti ṣe àṣeyọrí ní Nàìjíríà. Ìwé rẹ̀, *Dreams and Deeds*, jáde ní 1966. Ó gba àlá lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, Ígbò àti Haúsá, ó sì wo iye ìgbà tí irú lílàkàkà bẹ́ẹ̀ wà nínú wọn. Iye náà yàtọ̀ láti ẹ̀yà sí ẹ̀yà, ti Yorùbá wà láàárín. Àlàyé rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Ó ní bí èèyàn ṣe ń rọ́wọ́ mú níbi kọ̀ọ̀kan ló fà á: níbì kan iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń gbéni ga, níbòmíràn títẹ́ alágbára lọ́rùn ni. Ọmọ ilé ìwé ni gbogbo wọn, nítorí náà a ò lè fi sọ ti gbogbo èèyàn. Síbẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ dára fún ẹni tó ń lá àlá ọ̀gá: níbi iṣẹ́ rẹ, ṣé iṣẹ́ tí o ṣe ló ń pinnu ọ̀la rẹ, àbí ojú tí ọ̀gá bá fi wò ọ́ láàárọ̀? Bó bá jẹ́ ojú ọ̀gá, kò yani lẹ́nu pé ojú yẹn ń tẹ̀ lé ọ dé orí ibùsùn.

Bí o ṣe lè dán an wò

Fi ìwé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí o bá ti jí, kí o tó fọwọ́ kan fóònù, kọ ọjọ́, kọ àlá ní gbólóhùn mẹ́ta. Lálẹ́, kọ ohun kan tí o fẹ́ sọ lọ́sàn-án tí o kò sọ. Lẹ́yìn náà gbé méjèèjì síra. Bí àlá bá ń tẹ̀ lé ọjọ́ tí o gbé ọ̀rọ̀ mì, tó sì ń dáwọ́ dúró nígbà ìsinmi, o ti rí okùn rẹ̀. Bí kò bá tẹ̀ lé iṣẹ́ rárá, wo ibòmíràn: ibà, àìsùn tó, tàbí oògùn. Mẹ́fílókúìnì tí wọ́n ń lò fún ibà àti pùrópùránólólù tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára àwọn tó lè fa àlá burúkú. Má dá oògùn dúró fúnra rẹ, bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ohun kan tí àlá kò lè ṣe ni kó jẹ́rìí. Ó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára rẹ, kò sọ ohun tí ọ̀gá ń gbèrò. Má lọ fi àlá bá ẹnikẹ́ni jà.

Bí àlá kan náà bá ń padà wá, ọ̀nà kan wà tí àwọn oníṣègùn ń lò. Barry Krakow àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò fún àwọn obìnrin tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2001: àlá burúkú wọn dín kù. Lójú mọmọ, kọ àlá náà, yí i padà bó ṣe wù ọ́, kí o sì máa fi ojú inú wo ẹ̀dà tuntun náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lójoojúmọ́. Nínú tèmi, mo sọ̀kalẹ̀ láti orí ìkúnlẹ̀, mo gba gbohùngbohùn, mo sì ka ìwé ìròyìn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyẹn yí àlá padà, kò yí ọ̀gá padà. Nítorí náà mú gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé alẹ́ rẹ, èyí tó kan iṣẹ́, kí o sì lọ sọ ọ́ níkọ̀kọ̀. Tèmi rí báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí iṣẹ́ mi bá kù síbì kan, mo bẹ̀ yín, ẹ pè mí sí yàrá yín kí ẹ sọ fún mi, kì í ṣe níwájú oníbàárà." Ó wò mí, ó ní, "Mo ti gbọ́." Kò bẹ̀ mí, kò sì tún ju fáìlì mọ́ ní oṣù yẹn.

Bí àlá burúkú bá ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó fi di pé ẹ̀rù oorun ń bà ọ́, tàbí tí o ń ro àtipa ara rẹ, ìyẹn ti kọjá ohun tí ìwé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn lè yanjú. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn UCH níbí ní Ìbàdàn. Àwọn aláìsùn náà ń lọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń já aṣọ nìkan.