Ìdí tí ọfà ẹlẹ́kítíróònù fi ní apá méjì

Ẹnìkan bèèrè pé kí ló dé tí nọ́ńbà ìgbì ẹlẹ́kítíróònù fi ní apá méjì.

Ẹ wò ó bí ọfà: ó gùn, ó sì kọjú síbì kan. Bí agbára ẹlẹ́kítíróònù kò bá yí padà nínú átọ́ọ̀mù, ọfà náà ń yí po bí ọwọ́ aago, gígùn rẹ̀ kò yẹ̀. Ká ní apá kan ṣoṣo ló ní, tó ń lọ sókè sódò, á máa kan òdo. Á wá dà bíi pé ẹlẹ́kítíróònù ń sọnù, ó tún ń padà.

Ní 1926, Max Born ní gígùn náà, ní ìlọ́po ara rẹ̀, ló ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó láti bá a níbẹ̀. Bí apá méjèèjì bá jẹ́ 0.3 àti 0.4, 0.09 + 0.16 = 0.25. Ọfà yí di -0.4 àti 0.3, 0.25 náà ni. Nínú irú átọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ 100, a ó bá a níbẹ̀ nínú bíi 25. Odindi rẹ̀ la ó bá o, kì í ṣe ìdá mẹ́rin rẹ̀.