Ìgbéyàwó ní Adó-Odò àbí ní Sàǹgó? Ẹ ka èèyàn kẹ́ ẹ tó tẹ káàdì

Àríyànjiyàn yìí kì í tètè tán nílé tí wọ́n bá ti fẹ́ fọmọ fọ́kọ. Bàbá á ní ilé bàbá òun ní Adó-Odò ni ìyàwó gbọ́dọ̀ ti jáde. Ọmọ á ní àwọn tí òun ń bá ṣiṣẹ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òun àti ọ̀rẹ́ òun, Sàǹgó, Ọ̀tà, Ifọ̀ àti Agége ni gbogbo wọn wà, ta ló fẹ́ kó wọn lọ? Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó máa ń fa wàhálà ni pé wọn ò tíì jókòó ka èèyàn, wọ́n ti ń jà lórí ibi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: ìlú ta ni à ń sọ? Lójú àṣà, ilé àwọn òbí ìyàwó ni ìdána ti ń wáyé. Àwọn ará ọkọ ló máa kó iṣu, obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ wá, àwọn ló máa dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ. Ti ìlú ọkọ ni pé kí wọ́n gba ìyàwó wọlé nígbà tó bá dé, kí wọ́n fi omi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tí ìdílé ọkọ bá wá ń pariwo pé ìlú àwọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe ìdána, ohun tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n ń bèèrè. Àwọn alàgbà tó bá mọ̀ ọ́n máa ń fi ìbéèrè yẹn nìkan parí ìjà.

Ó yá, ká wá ka èèyàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ìyàwó jẹ́ ọmọ Adó-Odò, tí òun àtàwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Sàǹgó. Ọ̀ọ́dúnrún (300) èèyàn ni wọ́n kọ sílẹ̀. 220 nínú wọn wà ní Sàǹgó àti agbègbè rẹ̀, 80 wà nílé. Tí wọ́n bá ṣe é ní Sàǹgó, àwọn 80 yẹn ni wọ́n máa kó wá. Bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá, mẹ́fà ni wọ́n nílò. Tí wọ́n bá ṣe é ní Adó-Odò, ká ní ìdajì àwọn 220 ní mọ́tò tàbí wọ́n rí ẹni bá wọ mọ́tò, ó ku 110, bọ́ọ̀sì mẹ́jọ nìyẹn. Mẹ́fà àti mẹ́jọ, ìyàtọ̀ yẹn ò tó ohun tá à ń jà sí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ owó.

Oúnjẹ ni. Ní họ́ọ̀lù Sàǹgó, ẹni tó gba káàdì ló ń wá, àtàwọn mo-gbọ́-mo-yà díẹ̀. Nílé, ẹ ò lè fún ẹnì kan ní káàdì nínú agbo ilé kẹ́ ẹ sì fo aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ ìlù lójúde rẹ̀, ó ti di àlejò. Àwọn 80 yẹn lè di 200 kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì sí ẹni tó máa lé wọn, torí ìyá ìyàwó ò ní fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ lẹ́yìn pé ó ṣe ìnáwó tí kò bọ́ ará ilé. Nítorí náà, ẹni tó máa se oúnjẹ 300 ní Sàǹgó, kó múra láti se 420 ní Adó-Odò. Àga àti kánópì náà á pọ̀ sí i bákan náà. Lódìkejì, wọn ò ní san owó họ́ọ̀lù, nítorí ojúde ilé ti tó. Àmọ́ kí wọ́n bèèrè omi àti jẹnẹrétọ̀ dáadáa, kí àlàsè má baà dé ibẹ̀ kó máa wá kànga kiri.

Ọ̀nà náà ní tiẹ̀. Láti Sàǹgó, ẹ máa gba títì Ìdírókò, ẹ kọjá Ọ̀tà àti Ìjù, ẹ dé Àtàn, kẹ́ ẹ tó forí lé Adó-Odò. Ẹni tó bá mú ọjọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, kó rántí pé ojú títì yẹn ni Kénáánìlándì wà, ìgbà yẹn sì ni ìpàdé Ṣáílò máa ń kó ọ̀pọ̀ èrò wá síbẹ̀. Àlejò tó bá ń padà sí Agége ò ní fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú sí òun lọ́nà. Tó bá di aago mẹ́rin, wọ́n á ti máa wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn. Èyí túmọ̀ sí pé tí ètò bá pẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn àlejò ìgboro á ti lọ kí ọkọ àti ìyàwó tó jó. Kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́ nílé, ẹ bèèrè láàfin bóyá Orò tàbí ọdún ìbílẹ̀ kankan ò bọ́ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí obìnrin má jáde kì í ṣe ọjọ́ ìdána.

Ẹ má gbàgbé òfin o. Ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé ìkìlọ̀ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ mọ́kànlélógún kó tó lè gba ìwé àṣẹ, ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé láàárín oṣù mẹ́ta tó fi ìwé ìkìlọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tún gbọ́dọ̀ ti gbé ní agbègbè rẹ́jísírì tí wọ́n ti fẹ́ ṣègbéyàwó fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Láti 1989 ni Adó-Odò àti Sàǹgó ti wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, tí oríkò rẹ̀ wà ní Ọ̀tà, nítorí náà ẹni tó ń gbé ní Sàǹgó ò ní wàhálà púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Agége, tó fẹ́ ṣe é nílé, òun ló yẹ kó tètè bèèrè ibi tó máa ti gba ìwé.

Ibi tó ti ń dojú rú jù ni ṣọ́ọ̀ṣì ilé. Òfin sọ pé ilé ìjọsìn tó ní àṣẹ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀, láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí pásítọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì bàbá yín nílé lè ti wà tipẹ́, kó má sì ní ìwé àṣẹ yẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Àwọn Mùsùlùmí ò ní ìṣòro yìí lórí yìgì. Tí alágbàtọ́ ìyàwó, ẹlẹ́rìí méjì àti sàdáàkì bá ti wà, ó ṣeé so níbikíbi.

Àwọn kan ti ń pín in sí méjì: ìdána ní Adó-Odò lọ́jọ́bọ̀ tàbí lọ́jọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀ṣì àti àpèjẹ ní Sàǹgó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lójú tèmi, ó dára tí ìyá àgbà kan bá wà nílé tí kò lè wọ mọ́tò mọ́, torí kò sí fídíò tó máa rọ́pò kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lórí ọmọ. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa se oúnjẹ o, aṣọ ẹbí náà lè di méjì tẹ́ ò bá ṣọ́ra. Ohun tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni pé kí ti ilé kéré lóòótọ́: ìdílé méjèèjì àti agbo ilé nìkan, láìtẹ káàdì, láìpe olórin, kí wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá ti lè pe ará Sàǹgó kan sí i, gbogbo wọn á fẹ́ wá.