Bí Máàkì Ṣe Ń Di Póìntì ní Yunifásítì

Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá mú èsì sẹ̀mẹ́sítà wálé sábà máa ń ro gbogbo máàkì pọ̀, kó fi iye kọ́ọ̀sì pín in, kó sì gbà pé ohun tó jáde ni ọmọ náà gbà. Yunifásítì kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Máàkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di lẹ́tà, kí lẹ́tà di póìntì, kí wọ́n tó wo bí kọ́ọ̀sì náà ṣe wúwo tó.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, póìntì 5 ni òkè òṣùwọ̀n. Ẹni tó gba 70 sókè nínú 100 gba A, póìntì 5. Láti 60 sí 69 jẹ́ B, póìntì 4. Láti 50 sí 59 jẹ́ C, póìntì 3. D bẹ̀rẹ̀ láti 45 dé 49, póìntì 2 ni. Láti 40 sí 44 jẹ́ E, póìntì 1. Ohun tó bá kéré sí 40 ni F, kò sì ní póìntì kankan. Àwọn ilé-ìwé kan wà tí kò lo E mọ́, tó jẹ́ pé 45 ni wọ́n fi ń yege, nítorí náà ìwé òfin ẹ̀ka ọmọ náà ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Òṣùwọ̀n yìí dà bí àtẹ̀gùn. Ibi yòówù kí ẹsẹ̀ èèyàn wà lórí ìpele kan, ìpele kan náà ló dúró sí. Ẹni tó gba 60 àti ẹni tó gba 69 jọ ní póìntì 4 ni. Ẹni tó gba 69 sì fi odindi póìntì kan rẹ̀yìn sí ẹni tó gba 70, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì 1 péré ló wà láàárín wọn.

Yúnìtì ló ń sọ bí kọ́ọ̀sì ṣe wúwo tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, yúnìtì 1 dúró fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 1 lọ́sẹ̀, tàbí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò wákàtí 3. Póìntì lẹ́tà ni wọ́n máa ń fi yúnìtì sọ di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo èsì ọmọ kan tí a ó pè ní Bọ́lá. Ó gba 69 nínú Ìṣirò, yúnìtì 3: B ni, 4 lọ́nà 3 sì jẹ́ 12. Kẹ́mísírì, yúnìtì 3, ó gba 70: A, 15. Báọ́lọ́jì, yúnìtì 3, ó gba 62: B, 12. Físíìsì, yúnìtì 3, ó gba 44: E, 3. Lílo Èdè Gẹ̀ẹ́sì, yúnìtì 2, ó gba 58: C, 6. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò Físíìsì, yúnìtì 1, ó gba 81: A, 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 53, yúnìtì sì jẹ́ 15. Tí a bá fi 15 pín 53, a ó rí 3.53. Ìyẹn ni GPA Bọ́lá.

Bí bàbá rẹ̀ bá ro máàkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, tó sì pín wọn sí mẹ́fà, 64 ni yóò rí. Yóò ní B ni, póìntì 4.00. Irọ́ ni ìṣirò náà pa fún un.

Ẹ wo ohun tí máàkì 1 lè ṣe. Bí Ìṣirò bá di 70, tàbí tí Físíìsì bá di 45, àpapọ̀ yóò di 56, GPA yóò sì di 3.73. Ṣùgbọ́n bí 81 rẹ̀ bá tilẹ̀ di 100, kò sí ohun tí yóò yí padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà jù ni F. Bí Bọ́lá bá gba 38 nínú Físíìsì, póìntì 3 yẹn yóò lọ, àmọ́ yúnìtì 3 rẹ̀ kò ní kúrò nínú 15. 50 ni 15 yóò pín, yóò sì jẹ́ 3.33. Ẹni tó bá yọ yúnìtì kọ́ọ̀sì tó já sílẹ̀ yóò fi 12 pín 50, yóò rí 4.17, yóò sì máa yọ ayọ̀ òfo.

Bí sẹ̀mẹ́sítà kejì bá dé, wọn kì í ro GPA méjèèjì pọ̀ kí wọ́n pín in sí méjì. Ká ní Bọ́lá ní póìntì 76 lórí yúnìtì 20. Wọn yóò ro 53 mọ́ 76, yóò jẹ́ 129, wọn yóò sì fi yúnìtì 35 pín in: 3.69. Èyí ni CGPA, òun ló ń pinnu ipò oyè. 4.50 sókè ni ipò kìíní, 3.50 sí 4.49 ni tú-wọ̀n, 2.40 sí 3.49 ni tú-tú.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ìṣirò èsì yín ní gbogbo sẹ̀mẹ́sítà. Bí ohun tí ẹ rí bá yàtọ̀ sí ti ilé-ìwé, ẹ tètè lọ bá olùdarí ìdánwò ẹ̀ka yín, kó má di ọdún tí ẹ ń jáde.