Nígbà Tí Íápíìsì Kan Bá Dákẹ́
Bí íápíìsì aláìníwáyà rẹ bá ń kọrin létí ọ̀tún, tí tòsì dákẹ́, má tíì sọ ọ́ nù. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń gba ṣáájì nínú àpótí rẹ̀. Ìdọ̀tí etí lára irin ìdí rẹ̀ lè dí i lọ́wọ́, fi òwú gbígbẹ nù ún.

Bí ó bá ń gbà á, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má mọ ara wọn mọ́. Tẹ Forget lórí fóònù, kí o sì pa Bluetooth. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò: bí fóònù bá tètè gbá ọ̀kan mú, èkejì yóò tún dákẹ́. Yọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ bí ìwé wọn ṣe wí, títí wọn yóò fi so pọ̀. Ìgbà náà ni kí o tó tan Bluetooth.