Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tún ní àwọn ò gbà á síṣẹ́ mọ́: Ìbéèrè kan ṣoṣo ló tú àṣírí fún un

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà náà wọlé sórí fóònù ẹ̀. Ọmọkùnrin ẹni ọdún 31 náà wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Maryland, l'Ékòó, Ìkòròdú ló ń lọ. Bó ṣe kà á tán ló kúrò lórí ìlà, tó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta omi tútù. Lẹ́tà ọ̀hún ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé ó wá, àwọn èèyàn tó dáa pọ̀ nínú àwọn tó wá, àwọn sì ti mú ẹlòmíì. Ẹ kú iṣẹ́, ó dàbọ̀.

Ohun tó jẹ́ kó dùn ún ni pé iṣẹ́ náà ti dé ojú ẹ̀ tán. Akáúntáǹtì ni, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ inú páálí nítòsí Ìkẹjà ló ń wá èèyàn. Kì í ṣe àwọn fúnra wọn ló pè é, obìnrin kan tó máa ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ni. Obìnrin yẹn kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá àwọn akáúntáǹtì ibẹ̀ fi kọ̀ǹpútà dán an wò, ó yege. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá jókòó síwájú ọ̀gá mẹ́ta. Àwọn méjì péré ló kù nígbà yẹn, òun àti ẹnì kan. Ìyàwó ẹ̀ lóyún oṣù méje nínú, ó sì ti lọ bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ pé kó má yọ òun lẹ́nu, owó ilé tó kù máa jáde láìpẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló ṣe àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí obìnrin náà pé, "Mà, kí ni mo ṣe fún wọn? Kí ló dé tí wọn ò fi mú mi? Àbí wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ mú látilẹ̀ ni?" Ìdáhùn tó rí gbà ò ju gbólóhùn kan lọ: wọ́n rí ẹni tó bá iṣẹ́ náà mu jù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tó sọ fún ìyá ẹ̀ n'Íjẹ̀bú, ìyá ní òun ti mọ̀, àwọn ará ilé bàbá ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Àìkú ló gba ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan lọ ní Ṣómólú, ẹni tó ti lo ogún ọdún nídìí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ ńlá kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n yìí gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, ẹjọ́ lo pè é. Ta ló máa dá ẹ lóhùn?"

Ó wá là á yé e. Ó ní ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ẹni tó báni wáṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò sí nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń ṣe intafíù tó gbẹ̀yìn. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta yẹn ló wà ńbẹ̀. Olúkúlùkù wọn ló máa ń ní ìwé níwájú, ìbéèrè wà lára ẹ̀, wọ́n á máa kọ máàkì sí i, wọ́n á máa kọ ọ̀rọ̀ ṣókí ṣókí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá ti jókòó parí ẹ̀ láàrin ara wọn, ẹnì kan á wá pe obìnrin náà, á sọ ẹni tí wọ́n mú fún un, á sì sọ ìdí tí wọn ò fi mú ẹnì kejì, bóyá gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Gbólóhùn mẹ́ta yẹn lohun tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Tí ò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó ṣì máa rántí ẹ̀. Tó bá fi máa pé oṣù kan, ó ti bá ogún èèyàn míì sọ̀rọ̀, kò ní rántí mọ́.

Ìkejì ni pé iléeṣẹ́ ló ń sanwó fún obìnrin náà, kì í ṣe ẹni tó ń wáṣẹ́. Tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí báyìí ni wọn ò fi mú lágbájá, tí lágbájá wá gbé e lọ sí kóòtù, òun ló máa wọ ìjàngbọ̀n lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún un níṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi máa ń rí gbẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan náà tí kò ní kọ ọ́ lè fẹnu sọ ọ́, tó bá ti dá a lójú pé ẹni tó ń bi òun ò wá jà. Ó ṣe tán, òun náà fẹ́ kí ẹni tóun bá wáṣẹ́ rí i gbà, torí ibẹ̀ lowó ẹ̀ wà.

Nínú fóònù yẹn náà làwọn méjèèjì ti jọ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má bínú sóhun tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ náà ló dùn mí. Ẹ ṣeun tí ẹ gbé mi dé intafíù kẹta. Mi ò ní kí wọ́n yí ìpinnu wọn padà. Tí ẹ bá tún máa fi orúkọ mi ránṣẹ́ síbòmíì, nínú ohun tí mo sọ níwájú àwọn ọ̀gá yẹn, èwo lẹ máa ní kí n kọ́kọ́ tún ṣe? Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí fóònù ti tó, ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

Ẹ̀gbọ́n ní kó kíyè sí ìbéèrè yẹn dáadáa. Kò béèrè ìdí tí wọn ò fi mú un, torí ìyẹn máa jẹ́ kí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà iléeṣẹ́. Ohun tó kù níwájú ló béèrè. Kò sì ní kó sọ gbogbo ẹ̀, ẹyọ kan ló ní kó mú. Ẹni tí wọ́n bá ní kó sọ gbogbo ẹ̀ kì í mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹnu á kàn máa wọ́ ọ ni.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láago méje kọjá, fóònù dún. Obìnrin náà ni.

Ó kọ́kọ́ ní kò sẹ́ni tó ṣiyèméjì pé ó mọ iṣẹ́. Ó ní ṣé ó rántí ìgbà tí ọ̀gá àgbà ní kó sọ ìgbà kan tí àkáùnti ò bára mu, àti bó ṣe yanjú ẹ̀? Ọmọkùnrin náà ní òun rántí, ó sì dá òun lójú pé òun dáhùn dáadáa. Obìnrin yẹn ní lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, "a" ló ń wí: a wò ó, a rí i, a tún un ṣe. Àwọn ọ̀gá náà ò mọ èyí tóun fúnra ẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Yorùbá tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé kó má máa fọ́nnu, ṣe ló máa ń pín ògo ẹ̀ fún gbogbo ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni máàkì ti ń jò lọ.

Ó dúpẹ́, kò jiyàn. Ó wá bi í léèrè ẹyọ kan sí i, bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ́ ọ: "Mà, ṣé ohun tó mú wọn yan ẹnì kejì nìyẹn, àbí ó tún ku nǹkan kan?"

Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Oṣù mẹ́ta tí ẹ ní ẹ máa fi gbé nóòtìsì sílẹ̀ níbi tí ẹ wà ni. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn ń lọ níparí oṣù, àwọn ọ́dítọ̀ sì ń bọ̀. Wọn ò lè dúró. Máàkì ẹ̀yin méjèèjì ò jìnnà síra."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ fa báàgì tó kó àwọn ìwé ẹ̀ sí jáde. Nígbà tó rí lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síbi tó ti ń ṣiṣẹ́, oṣù kan péré ni wọ́n kọ síbẹ̀, tàbí kó san owó oṣù kan dípò ẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó sọ níwájú àwọn ọ̀gá yẹn, ẹnu lásán ni. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wọn ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀.

Ó pe obìnrin náà padà lójú ẹsẹ̀. Obìnrin náà kẹ́dùn, ó ní ẹnì kejì ti fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ Ajé. Ká ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló béèrè bó ṣe béèrè yìí ni, òun ì bá pè wọ́n, ṣùgbọ́n òun ò lè búra pé wọ́n á gbà.

Kì í ṣe gbogbo ìdáhùn ló máa ń lójú bí èyí o. Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú ní ìdáhùn tó bá mẹ́nu ba ìbéèrè kan pàtó, tàbí ohun kan téèyàn sọ, ìyẹn ṣe é gbára lé. Tí wọ́n bá kàn ní "ẹ tún gbìyànjú", wọn ò sọ nǹkan kan. Èyí tó tún yẹ kéèyàn fura sí ni tí wọ́n bá ní ìrírí ẹni ò tó lẹ́yìn intafíù tó gbẹ̀yìn. Wọ́n ti rí ìyẹn nínú ìwé láti ọjọ́ kìíní, tó bá jẹ́ pé òun ló dùn wọ́n, wọn ò ní pe èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta. Nǹkan míì ló máa ń wà lábẹ́ ẹ̀: bóyá ẹni tó wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, bóyá owó tó béèrè ga jù, bóyá wọ́n tiẹ̀ ti pa iṣẹ́ náà tì. Kò sí àtúnṣe kankan tí ẹni tó wáṣẹ́ lè ṣe sí ìyẹn, kó yáa gbàgbé ẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ̀nà míì. Láwọn ọsibítù ìjọba níbẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fún èèyàn ní nọ́ńbà tó máa pè láti gbọ́ bó ṣe ṣe sí. Òfin tún fàyè gba ẹni tó ṣe intafíù kó béèrè fún àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe nípa ẹ̀, láàrin oṣù kan ló yẹ kí wọ́n fèsì. Òfin tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 lórí àkọsílẹ̀ nípa èèyàn náà fún èèyàn láṣẹ láti béèrè. Àmọ́ ẹni tó bá fi òfin lé obìnrin tó ń bá a wáṣẹ́, kó má retí pé á tún pe òun mọ́.

Ti ọmọkùnrin yìí, obìnrin náà ti tún pè é. Iṣẹ́ kan ló ní òun rí ní Àpápá, ó sì ní kó múra. Ó ti ya lẹ́tà inú báàgì ọ̀hún sínú fóònù báyìí, ó sì ń jókòó síwájú ìyàwó ẹ̀ lálaalẹ́, ó ń sọ ìtàn àkáùnti tí ò bára mu yẹn. Tó bá ti ní "a", ìyàwó á ní, "Ta ni 'a'?" Ìyá ẹ̀ n'Íjẹ̀bú ò gba ọ̀rọ̀ nóòtìsì kankan gbọ́ ní tiẹ̀, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ló wà lẹ́nu ẹ̀ báyìí.