Máàkì 38: Ibo Ni Kí Olùwáṣẹ́ Ti Bẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe Sífíì Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló wà báyìí tí olùwáṣẹ́ lè gbé sífíì rẹ̀ lọ, tí wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò wàràwàrà, tí wọ́n á sì fún un ní máàkì lórí 100. Inú ẹni tó bá gba 80 á dùn. Ẹni tó gba 38, tí ìkìlọ̀ aláwọ̀ pupa sì tò tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kì í mọ èyí tí òun á kọ́kọ́ dáhùn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin ẹni ọdún 34 kan tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ níléeṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ n'Ìbàdàn. Ó rí ìpolówó iṣẹ́ Inventory Officer níléeṣẹ́ kan l'Ékòó, ó fi sífíì rẹ̀ wé ìpolówó náà lórí ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì wọ̀nyí, ó sì gba 38. Ìkìlọ̀ tó rọrùn jù ló kọ́kọ́ mú. Ó pààrọ̀ irú lẹ́tà, ó yí àwọ̀ búlúù padà sí dúdú, ó fi àdírẹ́sì LinkedIn kún un. Máàkì náà gòkè dé 39. Ìgbà yẹn ló kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń tọ́ àwọn olùwáṣẹ́ sọ́nà. Ìdáhùn tó rí gbà nìyí: “Àbúrò mi, fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ̀rọ yẹn ò tíì rí nọ́ńbà fóònù rẹ, ìwọ ń kun ojú ìwé.”

Kó tó wọ inú àtúnṣe, obìnrin náà kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹni tó ń fúnni ní máàkì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ kọ́ ló fún un ní 38. Ìkànnì tó gbé sífíì lọ ló fún un, ìkànnì mìíràn sì lè fún sífíì kan náà ní 60, torí kálukú wọn ló ní ohun tó ń kà. Àmọ́ iṣẹ́ méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe. Wọ́n á gbìyànjú láti yọ orúkọ, fóònù, iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe àti ọjọ́ tó ṣe é kúrò nínú ìwé náà, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wé ọ̀rọ̀ inú ìpolówó. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń gba ìwé ìwáṣẹ́, irú bíi Workday, Taleo àti Greenhouse, náà máa ń yọ ọ̀rọ̀ báyẹn, agbanisíṣẹ́ á sì lè fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì wá ẹni tó fẹ́ láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé. Nítorí náà, ìkìlọ̀ tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ méjì yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ kan èèyàn. Ìmọ̀ràn ẹni tó ṣe ìkànnì ni ìyókù.

Ohun tó ní kó kọ́kọ́ ṣe kò kan ọ̀rọ̀ kankan nínú sífíì náà. “Ṣí PDF yẹn. Tẹ Ctrl+A, tẹ Ctrl+C, ṣí Notepad, kí o wá tẹ Ctrl+V. Ohun tó bá jáde síbẹ̀ ni ẹ̀rọ ń rí.”

Ọkùnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Sífíì tó lẹ́wà lójú rẹ̀ ti di ìdàrúdàpọ̀. Àwòṣe kan tó rí lórí ìkànnì ló lò, ó pín ojú ìwé sí méjì lóròó: iṣẹ́ tó ti ṣe wà lápá ọ̀tún, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe wà lápá òsì. Ohun tí Notepad gbé jáde ka ojú ìwé náà ní ìbú, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí akọ̀wé sì ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sórí ìlà kan. Lórí ìlà kan ṣoṣo ni “Excel Store Keeper Teamwork March 2019” tò sí. Ìràwọ̀ mẹ́rin tó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Excel láti fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n dáadáa ti pòórá, torí àwòrán ni. Fóònù àti ímeèlì rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀ rárá. Inú àwòrán tó wà lókè pátápátá ojú ìwé ló kọ wọ́n sí, ọ̀rọ̀ inú àwòrán kì í sì í sábà bá ìyókù jáde.

Lóòótọ́, àwọn ètò kan ti gbọ́n débi pé wọ́n lè ka ojú ìwé tó pín sí méjì láìdà á rú. Ṣùgbọ́n olùwáṣẹ́ kò lè mọ èyí tí iléeṣẹ́ ń lò, kò sì sí ohun tó máa jèrè nínú ewu náà. Ìmọ̀ràn obìnrin yìí ni pé kó pa àwòṣe yẹn tì, kó tún sífíì náà tẹ̀ sórí ojú ìwé tí kò pín, láìsí àtẹ, láìsí àpótí ọ̀rọ̀, láìsí àwòrán. Fóònù àti ímeèlì á wá sábẹ́ orúkọ, nínú ara ìwé gan-an. Orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á jẹ́ èyí tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀: Work Experience, Education, Skills. “My Journey” tó kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè má yé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an. Ẹni tó lọ tẹ sífíì ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lè gba bébà lọ́wọ́ wọn, kó wá fi fóònù ya fọ́tò bébà náà tàbí kó ní kí wọ́n síkáànù rẹ̀ di PDF. Fọ́tò ni irú PDF bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ fi máòsì fa ìlà kan nínú rẹ̀, kì í sábà mú un, tó bá sì tẹ Ctrl+V nínú Notepad, kì í sábà rí ọ̀rọ̀ sífíì náà níbẹ̀. Fáìlì Word gan-an ló yẹ kó béèrè lọ́wọ́ wọn, kó tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ní sọnù.

Pẹ̀lú àtúnṣe yìí nìkan, máàkì ọkùnrin náà di 57. Kò tíì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún ìrírí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó ló kàn. Obìnrin náà ní kó ka ìpolówó iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa, kó fa ìlà sábẹ́ ohun tó bá jẹ yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mẹ́rin ló fa ìlà sí: inventory, stock reconciliation, Excel àti SAP. Nínú sífíì rẹ̀, Excel nìkan ló wà. Ẹ sì wò ó o, ọdún mẹ́fà ló ti fi ń ṣe stock reconciliation! Òṣooṣù ló ń ka gbogbo ẹrù inú sítọ́ọ̀, tó ń fi wé ohun tó wà nínú ìwé, tó sì ń wádìí ohun tó fa ìyàtọ̀. Àmọ́ ohun tó kọ sínú sífíì ni “checking of goods”. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ìpolówó wá òṣìṣẹ́ kò ní bá a pàdé láé.

Ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn sí ti ìpolówó, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí iṣẹ́ kan náà ni. Ti orúkọ ipò rẹ̀ yàtọ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ sọ Store Keeper di Inventory Officer níléeṣẹ́ tó wà, obìnrin yìí kò sì gbà. Store Keeper ló wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì pe iléeṣẹ́ náà láti wádìí, ohun tí wọ́n á bá níbẹ̀ nìyẹn. Ibi tó gbà kó kọ Inventory Officer sí ni ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tó ti ń sọ irú iṣẹ́ tó ń wá. Ẹ̀rọ á rí i, irọ́ kò sì sí níbẹ̀.

SAP wá ńkọ́? Kò mọ̀ ọ́n lò. Ó béèrè bóyá òun lè kọ ọ́ ní lẹ́tà funfun sísàlẹ̀ ìwé, kí ẹ̀rọ rí i kí èèyàn má rí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn. Ìdáhùn obìnrin náà kò gùn: nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà bá yọ ọ̀rọ̀ jáde, àwọ̀ kì í tẹ̀ lé e. Bí Notepad ṣe gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde lákọ̀ọ́kọ́ náà ni ọ̀rọ̀ funfun yẹn ṣe máa hàn gbangba níwájú agbanisíṣẹ́. Ó ní kó fi SAP sílẹ̀, kó gbà pé máàkì rẹ̀ á dín díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó parí ìpele yìí, ó gba 71.

Ìpele kẹta ló gba àkókò jù, òun sì ni mo kà sí èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó máa fi ojú ara rẹ̀ ka ìwé náà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin náà kọ pé ojúṣe òun ni láti máa gba ẹrù wọlé, láti máa kó ẹrù jáde àti láti máa tọ́jú ìwé. Kò sí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ tí kò lè kọ irú rẹ̀. Obìnrin náà bi í léèrè: irú ẹrù mélòó ló wà níbẹ̀? Nígbà tó débẹ̀, mélòó ni kì í bá ìwé mu lóṣù? Báyìí ńkọ́? Kí lo ṣe tó fi yàtọ̀?

Ọkùnrin náà ní òun ò ní nọ́ńbà kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sínú àwọn ìwé ìkàyé oṣooṣù tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, ó rí i pé irú ẹrù 420 ló wà nínú sítọ́ọ̀, àti pé 38 nínú wọn ni kò bá ìwé mu lóṣù tó kọ́kọ́ ka ẹrù. Ó wá fi bíìnì káàdì sára pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe é lófin pé àpò tó bá kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn ọdún kan, 38 ti di 9. Báyìí ni ìlà yẹn ṣe wá rí nínú sífíì tuntun: ó ń ka irú ẹrù 420 lóṣooṣù, ó sì dín èyí tí kò bá ìwé mu kù láti 38 sí 9 láàárín ọdún kan, nípa lílo bíìnì káàdì. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìwo ìwé.

Irú ìlà bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló kọ. Kó lè rí àyè fún wọn, ó yọ ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tó ti wá, iye ọmọ àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ọjọ́ ìbí náà lọ, torí ìpolówó yìí kò béèrè ọjọ́ orí. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀, á dá a padà. Ó fi ọdún tó parí NYSC sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà ló ń wò ó.

Máàkì rẹ̀ di 78. Ìkìlọ̀ pupa ṣì kù díẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin náà sì fẹ́ máa bá a lọ títí dé 90. Obìnrin náà ní kó dúró. Ohun méjì ló kù tó ní kó ṣe: kó ka gbogbo rẹ̀ sókè ketekete láti wá àṣìtẹ̀, torí àtúnkọ máa ń bí àṣìtẹ̀ tuntun, kó sì pe nọ́ńbà tó wà lórí sífíì náà láti fóònù ẹlòmíràn, kó mọ̀ bóyá tirẹ̀ ló ń dún.

Lẹ́yìn náà ló wá kìlọ̀ fún un nípa ohun tí kò sí ìkànnì máàkì kankan tó ń wò ó. Nígbà tí èèyàn bá ń fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ lórí ìkànnì iléeṣẹ́, wọ́n sábà máa ń béèrè ìbéèrè kéékèèké: ṣé o ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́ta? Ṣé o lè kó wá s'Ékòó? Èló lò ń retí lóṣù? Ìdáhùn sí irú ìbéèrè wọ̀nyí lè yọ èèyàn kúrò lójú ẹsẹ̀, kódà kí sífíì rẹ̀ gba 100. Ọkùnrin náà ti fẹ́ dáhùn “Rárá” sí èyí àkọ́kọ́, torí ó rò pé Store Keeper kò ka ìrírí Inventory Officer. Ọdún mẹ́fà ló ní. “Bẹ́ẹ̀ ni” ló padà tẹ̀.