Bí Ẹ̀rọ Bá Ṣe Yín Léṣe Níbi Iṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ ike ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta, ẹ̀rọ gé e ní ìka méjì. Ọ̀gá sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sanwó, ó tún fún un lówó oúnjẹ. Gbogbo èèyàn ń yin ọ̀gá, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ yìí máa lọ sílé, kò sì ní ìwé kankan tó lè fi hàn pé ibi iṣẹ́ ló ti fara pa. Ibi tí ìyà ti ń jẹ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ nìyẹn.

Owó gbà-má-bínú kì í ṣe àánú ọ̀gá. Òfin ọdún 2010 dá àpò owó kan sílẹ̀ lábẹ́ àjọ NSITF, gbogbo agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa san náírà kan síbẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tó ń san. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó yín. Ẹ̀tọ́ yìí kan lébìrà ojúmọ́ àti ọmọ iṣẹ́ náà, kò sì dìgbà tí ẹ bá fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi.

Àárín ọjọ́ 14 ni kí ẹ fi tó mánéjà tàbí súpáfáísọ̀ létí. Fún òṣìṣẹ́ wa yìí, ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni gbèdéke. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè tó yé yín: orúkọ yín, ọjọ́ àti aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. “Mo ń yọ ike tó há sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ti ṣí ìbòrí rẹ̀ kúrò, ó sì gé ìka ọwọ́ ọ̀tún mi méjì.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì fi fóònù yà á.

Agbanisíṣẹ́ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ létí láàárín ọjọ́ 7 tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ ikú, lójú ẹsẹ̀ ni. Òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tún pàṣẹ pé kó bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Ọ̀gá tó ṣí ìbòrí kí iṣẹ́ lè yá ti rú òfin náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó ní NSITF, kí ẹ sì dá a padà kó tó pé ọdún kan tí ẹ ti fara pa. Ẹni tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ láyé rẹ̀ yóò máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀: tó bá ń gba ₦70,000, yóò máa gba ₦63,000. Ìka méjì kò tó bẹ́ẹ̀; bí àléébù bá ṣe tó ni owó ṣe máa tó.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ ti yááfì ẹ̀tọ́ yín nítorí owó díẹ̀, ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i, ẹ má torí ìyẹn jókòó sílé, òfin kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Bí ọ̀gá bá kọ̀ láti ránṣẹ́ sí àjọ, ẹ mú ẹ̀dà ìwé yín àti ìwé ilé ìwòsàn lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó sún mọ́ yín fúnra yín.